Òkun Ibo Nìyí? Ọ̀rọ̀ Lórí Fọ́tò Ayétòrò Kan Tí A Ẹ́díìtì Lọ́nà Méjì

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibi jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú gúrúùpù WhatsApp àwa ọ̀dọ́ Ìlàjẹ kan, torí fọ́tò. Fọ́tò kan ṣoṣo ni o! A ẹ́díìtì rẹ̀ lọ́nà méjì, A àti B, wọ́n ní ká dìbò. Èèyàn 41 mú A. Èèyàn 6 mú B. Mo wà lára àwọn 6 yẹn, mi ò sì ní í panu mọ́, torí ohun tí A máa fà bá wa ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

2/
Kí ẹ tó bá mi jà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú fọ́tò náà. Ayétòrò ni mo ti yà á, nínú oṣù Keje, bí aago méje àárọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Fóònù mi ni mo fi yà á. Ilé pákó kan wà níbẹ̀ tó dúró lórí òpó. Páànù ni òrùlé rẹ̀, ìdajì ilẹ̀ pákó rẹ̀ sì ti jábọ́ sínú omi. Màmá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ bùláóòsì pupa. Omi ti wọ abẹ́ ilé. Lẹ́yìn ilé ni òkun wà, ọkọ̀ kékeré kan sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú ọ̀run ṣú.

3/
A fẹ́ tẹ fọ́tò yìí sórí pósítà ńlá, ká gbé e lọ sí Àkúrẹ́, ká sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ẹni tí kò bá mọ Ayétòrò, ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Torí náà, fọ́tò yìí kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé síta kí wọ́n lè tẹ láìkì. Ẹ̀rí ni. A fẹ́ mú un lọ síwájú àwọn tí kò tíì tẹ ilẹ̀ wa rí, kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ là ń sọ.

4/
Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Nígbà kan, ojú ewé kan tí mi ò ní í dárúkọ gbé fọ́tò etíkun wa síta. Wọ́n ti fi fíltà pa á lójú dà: ojú ọ̀run dúdú bí èédú, ìgbì òkun ń dán bí abẹ. Ẹ mọ kọ́mẹ́ǹtì tó gba láìkì jù lábẹ́ rẹ̀? "Fótóṣọ́ọ̀pù lèyí jàre." Ilé tó wó nínú fọ́tò yẹn wó lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ́díìtì tó pọ̀ jù ti sọ òótọ́ di irọ́ lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ lọ wá di òpùrọ́. Ṣé ohun tí a fẹ́ tún ṣe nìyẹn?

5/
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ìnáwó l'Ékòó ló ṣe A. Ẹ̀gbọ́n mọṣẹ́, mi ò lè fi wọ́n wọ́lẹ̀. Lightroom orí fóònù ni àwọn méjèèjì lò, èmi àti ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe sí A rèé bí wọ́n ṣe fi hàn mí fúnra wọn: Highlights −100, Shadows +100, Clarity +70, Dehaze +55, Saturation +40. Lẹ́yìn náà, wọ́n yan òkun nìkan, wọ́n wá fa àwọ̀ rẹ̀ lọ sí búlúù. Wọ́n ní, "Àbúrò, ó ti wá ń sọ̀rọ̀ báyìí." Òótọ́ ni, ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ ni mi ò fara mọ́.

6/
Èmi ni mo ṣe B. Exposure +0.35, Highlights −40, Shadows +30, Vibrance +8. Mi ò fọwọ́ kan Clarity, mi ò fọwọ́ kan Dehaze. Mo tún fọ́tò náà tò kí ìlà òkun má dagun, ìyẹn náà ni. Wọ́n ní ó "gbẹ". Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan sí i. Ẹnì kan ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó ná.

7/
Kí ló dé tí èèyàn 41 fi mú A? Kì í ṣe pé ojú wọn ò dáa. Ọ̀nà tí wọ́n fi wò ó ni kò dáa. Wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ó dà bíi kéèyàn fi ṣíbí kan ṣoṣo tọ́ ọbẹ̀ méjì wò: èyí tí iyọ̀ àti mágí pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ àwo kan tán nínú rẹ̀, kí ẹ wá sọ bí ọ̀fun yín ṣe rí. Bí ojú náà ṣe rí nìyẹn. Bí fọ́tò méjì bá wà papọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ le jù ló máa ń jẹ́ kí èkejì dà bí aláìsàn.

8/
Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Mo máa ń kọ́kọ́ pa iná aláwọ̀ òfeefèé tí fóònù máa ń tàn lálẹ́, torí ó máa ń yí gbogbo àwọ̀ padà. Màá wá ṣí fọ́tò kan ṣoṣo, kó gba gbogbo ojú fóònù. Màá wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Màá gbójú kúrò, màá wo igi tàbí ògiri títí ojú á fi sinmi. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí èkejì. Ẹ gbìyànjú ẹ̀. Bí ẹ bá wo A nìkan fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí kò rí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mẹ́rin ni mo rí.

9/
Àkọ́kọ́, ẹ wo etí òrùlé. Ẹ fojú tọ ibi tí páànù ti pàdé ojú ọ̀run láti òsì dé ọ̀tún. Nínú A, ẹ máa rí ìlà funfun kan tó yí òrùlé ká, ó fẹ̀ díẹ̀, ó wá ń ṣá lọ sókè. Ó dà bí ẹni pé iná ń tàn lẹ́yìn ilé. Ó wà lára àwọn òpó náà. Ó wà ní ẹ̀yìn orí Màmá pàápàá, bí ìmọ́lẹ̀ orí ẹni mímọ́ nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ayétòrò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Oòrùn ò tiẹ̀ yọ.

10/
Ibo ló ti wá? Clarity ni, pẹ̀lú Highlights àti Shadows tí wọ́n fà dé òpin. Iṣẹ́ Clarity ni pé kó mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi dúdú àti ibi títàn le sí i, kì í ṣe lójú gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe ládùúgbò ládùúgbò. Bó bá dé ibi tí páànù dúdú ti kan ojú ọ̀run, á mú etí páànù dúdú sí i, á sì mú ojú ọ̀run tó wà nítòsí rẹ̀ tàn sí i. Títàn yẹn ni ìlà funfun tí ẹ ń rí. Bí ẹ bá fi í sí +10, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní +70, ó ti ń pariwo. Bí fọ́tò bá ní ilé tàbí igi tó dúró síwájú ojú ọ̀run, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

11/
Ìkejì, ẹ wo ọkọ̀ kékeré tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo wa tá a dàgbà létí omi la mọ̀ pé bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wà lójú òkun. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń ṣá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó. Nínú B, ọkọ̀ yẹn jẹ́ eérú, etí rẹ̀ rọ̀. Nínú A, Dehaze ti nu gbogbo ìkùukùu kúrò: ọkọ̀ náà dúdú kirikiri bí òpó tó wà níwájú wa gan-an. Ojú ò mọ èyí tó jìnnà mọ́. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n gé ọkọ̀ láti inú ìwé kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

12/
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé mi: mi ò ní Dehaze ò dáa. Nínú ọyẹ́, bí eruku bá bo gbogbo nǹkan, mo máa ń fa +10 tàbí +15 kí ojú èèyàn lè hàn. Ṣùgbọ́n ìkùukùu tó wà nínú fọ́tò yìí kì í ṣe ìdọ̀tí lójú kámẹ́rà tó yẹ ká nù. Ara ojúmọ́ yẹn ni. Ẹni tó bá nù ún ti yí ojú ọjọ́ padà.

13/
Ìkẹta ló bí mi nínú jù. Àwọ̀ omi. Ẹ̀yin tẹ ẹ̀ ń gbé l'Ékòó, òkun tẹ́ ẹ mọ̀ ní yanrìn létí, omi rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù bí oòrùn bá ràn. Tiwa kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ìhà Èkó, yanrìn á máa bá yín bọ̀, nígbà tó bá yá, yanrìn á tán, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tiẹ̀ ní orúkọ fún etíkun yìí: etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ẹrẹ̀ kíkúnná ni, ó rọ̀, ìgbì ń gbé e sókè, omi òkun wa wá rí bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì díẹ̀ sí. Bó ṣe rí lójú fọ́tò mi nìyẹn.

14/
Ẹ̀gbọ́n wo àwọ̀ yẹn, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n sọ ọ́ di búlúù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: àwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn wà lára ẹjọ́ tí a fẹ́ rò! Ilẹ̀ wa kì í ṣe àpáta, kì í ṣe yanrìn líle. Ẹrẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tí ìgbì fi ń rí i jẹ bẹ́ẹ̀. Lára ohun tó ń sọ omi yẹn di ràkọ̀ràkọ̀ ni ilẹ̀ tí ìgbì ń bù lọ. Ẹ wá fi búlúù bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ilé tó wó lè dùn wò.

15/
Kò tiẹ̀ bò dáadáa. Ẹ wo abẹ́ ilé nínú A. Omi tó wà níbẹ̀ ṣì rí bíi tíì, torí òkun tó wà lẹ́yìn nìkan ni ẹ̀gbọ́n yàn. Omi kan náà ni o! Ó wọlé láti ẹ̀yìn, ó gba àárín àwọn òpó kọjá. Ṣùgbọ́n nínú A, omi dé ìdí òpó tó gbẹ̀yìn, ó pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà. Ẹ tún wo ìfófòó orí ìgbì: lọ́dọ̀ wa, ó máa ń pọ́n díẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Nínú A, ó funfun, ó tún ní búlúù lára. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ là ń pa, òpó yẹn ló máa nawọ́ sí. Àwa fúnra wa la máa ti fún un ní ẹ̀rí.

16/
Ìkẹrin ni Màmá fúnra wọn. Clarity tó fún òrùlé ní ìlà funfun, ojú Màmá ni ó tún gbẹ́. Gbogbo ìlà ojú wọn jinlẹ̀ bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ọ́. Mo fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí wọn bí mo bá wo A. Ẹ wá wo bùláóòsì. Nínú B, ẹ rí ibi tí aṣọ ti ká, ẹ rí òjìji abẹ́ apá. Nínú A, Saturation ti ti pupa dé òpin, kò sí ibi tó lè lọ mọ́, gbogbo ìká aṣọ ti pòórá. Ó ku pupa kan pẹrẹsẹ bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ má wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ẹ wo bóyá ẹ ṣì lè rí ìká aṣọ nínú rẹ̀.

17/
Ẹnì kan nínú gúrúùpù ní, "Ìwọ náà ṣáà ẹ́díìtì. Fóònù pàápàá ń ẹ́díìtì kí fọ́tò tó jáde. Kí lò ń pè ní bó ṣe rí gan-an?" Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mi ò ní í sá fún un. Òótọ́ ni. Fóònù ìsinsìnyí máa ń ya fọ́tò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, á pò wọ́n pọ̀, á tan ibi dúdú, á dín ibi títàn kù, kó tó fi ẹyọ kan hàn yín. Torí náà, mi ò sọ pé èyí tí a ò fọwọ́ kàn ni òótọ́.

18/
Kódà, nínú èyí tó ti inú fóònù jáde, ojú Màmá dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò ní í mọ̀ pé wọ́n ń wo wa. Ojú ọ̀run tàn lẹ́yìn wọn, kámẹ́rà wá dín ìmọ́lẹ̀ kù kí ojú ọ̀run má bàa funfun jù, àwọ̀ dúdú tiwa ló sì jìyà ẹ̀. Èmi tí mo dúró níwájú wọn, mo rí ojú wọn kedere. Torí náà, Shadows +30 tí mo fi kún un kì í ṣe irọ́, ohun tí kámẹ́rà pàdánù ni mo dá padà. Ìyàtọ̀ tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ́díìtì kan ń dá ohun tí ojú rí padà. Òmíràn ń gbé ohun tí ojú kankan ò rí wọlé. Kì í ṣe bí a ṣe fa nǹkan pọ̀ tó la fi ń mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá ti ń fà á dé 100, ó sábà máa ń jẹ́ ti èkejì.

19/
Kì í ṣe àwa nìkan la ti ja ìjà yìí. Ní 2013, fọ́tò kan tí Paul Hansen, ará Sweden, yà ní Gásà ní oṣù Kọkànlá 2012 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje World Press Photo: àwọn ọkùnrin gbé òkú ọmọdé méjì gba ọ̀nà tóóró. Àwọn èèyàn fi èyí tó wọ ìdíje wé èyí tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ tẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ò jọra, èyí tó gba ẹ̀bùn dà bíi sinimá. Ariwo ta. Wọ́n ní ó pò ó pọ̀ ni. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ yẹ fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde wò. Àbájáde wọn ni pé kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló tún ṣe. Ẹ̀bùn rẹ̀ dúró.

20/
Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ rèé. Ọmọ méjì kú lóòótọ́. Ìsìnkú náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ohun tí ayé ń jiyàn lé lórí ni ìmọ́lẹ̀ ara ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mọ́. Hansen rí ẹgbẹ́ ńlá tó lè pe àwọn onímọ̀ láti gbè é lẹ́yìn. Ta ló máa pe onímọ̀ fún Ayétòrò? Bí wọ́n bá ti fojú òpùrọ́ wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Àwa ò lágbára fọ́tò tó máa nílò àlàyé.

21/
Wọ́n tún ní, "B ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn èèyàn á fi ìka yí i kọjá." Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lẹ́kun. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ lójú fóònù. Àmọ́ pósítà kì í ṣe ojú fóònù. Bí ẹ bá tẹ fọ́tò tóbi tó ilẹ̀kùn, èèyàn máa dúró níwájú rẹ̀, á sún mọ́ ọn. Ìlà funfun tó kéré lójú fóònù á wá fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ibi dúdú tí wọ́n fi Shadows +100 tàn lábẹ́ ilé á máa fi ẹyọ àwọ̀ pupa àti ewé kéékèèké hàn bí iyanrìn, torí fóònù ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni ẹ fà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ dá èèyàn dúró, ẹ jẹ́ kí ojú Màmá dá wọn dúró.

22/
Mo bá ní kí n bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Lánàá, mo wọ ọkọ̀ láti Ìgbókọ̀dá lọ bá Màmá. Mi ò sọ èyí tí mo ṣe. Mo kọ́kọ́ fi A hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e sún mọ́. Wọ́n ní, "Òkun ibo nìyí?" Mo ní, "Ẹ̀yìn ilé yín ni, Màmá." Wọ́n wo ẹ̀yìn ilé, wọ́n tún wo fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó jọ pé ẹ ti bá mi ṣí lọ sí òkè òkun." Ẹ̀yin 41, ẹ lọ dá Màmá lóhùn.

23/
Kí ẹ má rò pé mo wá ṣe fọ́rífọ́rí o. Mo fi B náà hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi rèé. Ilé mi rèé. Ṣùgbọ́n ojúmọ́ ọjọ́ yẹn ò mọ́ tó báyìí. Ojú ọjọ́ ṣú, mi ò rí ibi tí mò ń tẹ̀." Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Exposure +0.35 tèmi ti sọ àárọ̀ òjò di àárọ̀ lásán. Kí n lè fi ojú wọn hàn ni mo ṣe tan gbogbo fọ́tò, dípò kí n tan ojú wọn nìkan. Mo jókòó síbẹ̀ lórí pákó wọn, mo dá Exposure padà sí +0.10, mo fi Shadows sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tún fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn."

24/
Torí náà, ohun tí mò ń bẹ gúrúùpù nìyí. Ẹ fagi lé ìbò yẹn. Ìbéèrè tá a dìbò lé lórí ni "èwo ló dùn wò?", ìbéèrè yẹn ò bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ mú B tí Màmá tún ṣe. Ẹ tọ́jú fáìlì tó ti inú fóònù jáde, kí ẹnikẹ́ni má fi fíltà kàn án, kí a lè gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá. Kí a sì kọ ọjọ́, aago àti ibi tí a ti yà á sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Èkó, ẹ má bínú sí mi. Fọ́tò ìgbéyàwó yín, ẹ tan án bó ṣe wù yín, ẹni tó ni ìnáwó ló sanwó pé kí ẹ jẹ́ kó dán.

25/
Òkun Ayétòrò ò dán. Ẹrẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ ilẹ̀ tí ilé èèyàn dúró lé lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe rí. Mo ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ wo òpó tó gbẹ̀yìn nínú A, kó wá sọ fún mi bí omi ṣe ń pa àwọ̀ dà níbẹ̀. Mo wà níbí.